Ọjọ́ Tí Kóòtù Mi Ya Níbi Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ìtàn yìí kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fa àga jókòó.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan, àwa márùn-ún la tẹ̀lé e lọ, gbogbo wa wọ súùtù dúdú. Wọ́n ní ká dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo fi àyà kanlẹ̀, mo wá gbọ́ "fààààà". Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì ni. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi lẹ́yìn ni mo mọ̀ pé èmi ni. Kóòtù ti ya láti abẹ́ kọ́là dé àárín ẹ̀yìn. Alága ìjókòó, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ ò ní bíréèkì, ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wò ó o, ọkọ wa kó ọ̀rẹ́ tó ń bẹ́ bíi gúgúrú wá!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri títí wọ́n fi pín oúnjẹ tán.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kóòtù yẹn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Tuntun ni. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé, "Bọ̀dá, ó bá yín mu gan-an, bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara yẹn ni ìgbàlódé." Èmi náà gbà. Ó sì ku oṣù mẹ́ta péré sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́ tèmi. Bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, irú àgbà tó máa ń wo èèyàn láti bàtà dé orí kó tó dáhùn ìkíni. Ọmọ rẹ̀ wà níbi tí kóòtù ti ya. Bá a ṣe ń lọ sílé, kò bá mi sọ nǹkan kan títí a fi débi tó ti máa sọ̀ kalẹ̀. Ó wá ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí eléyìí ṣẹlẹ̀ níwájú dádì mi."

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò ní wọ agbádá. Màá wọ agbádá lọ́jọ́ ìdáná. Àmọ́ súùtù ni ìdílé wọn ń fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi iṣẹ́ tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sì rèé, kóòtù ni wọ́n ń wọ̀ láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè. Mi ò lè sá fún un. Mo ní láti mọ ìdí tí aṣọ ṣọ́ọ̀bù ò fi gba ara mi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé mi ò sanra. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé irin ní jíìmù, ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan irin rárá ni màmá mi ti máa ń sọ pé, "Igbáàyà bàbá ẹ lo gbé wá sáyé." Tí wọ́n bá fi tépù yí àyà mi ká, 46 ínṣì ni. Tí wọ́n bá fi yí ìbàdí mi ká, 34. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, ó ku 12. Ẹ di 12 yẹn mú o, òun ni gbogbo wàhálà náà.

Bí àwọn tó ń ṣe súùtù ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn ò mọ èmi, wọn ò mọ ẹ̀yin. Ìwọ̀n ọkùnrin kan ni wọ́n ní lọ́kàn, ọkùnrin yẹn, àyà rẹ̀ fi 6 ínṣì ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kóòtù tí wọ́n kọ 40 sí máa ń bá ṣòkòtò 34 rìn, kóòtù 46 sì máa ń bá ṣòkòtò 40 rìn. Tí ẹ bá dà bí ọkùnrin inú ìwé yẹn, ẹ ó wọ ọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó sì gbàgbé. Èmi, ìlọ́po méjì 6 yẹn ni mo gbé wọlé. Kò sí bí kóòtù àti ṣòkòtò tí wọ́n so pọ̀ ṣe lè gba mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jìyà.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo jẹ́ kí ìbàdí mú kóòtù fún mi. Mo wọ 46, ó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ níkùn, mo ní ó ti tóbi jù. Mo wọ 42, ìbàdí rẹ̀ bá mi mu rẹ́gí, mo wo ara mi nínú dígí, àyà mi yọ, apá mi yọ, mo ní ehn, èyí gan-an rèé. Ara mi ló ń yọ lóòótọ́, torí aṣọ ò rí àyè bò ó.

Ká ní mo mọ ohun tí màá wò ni, dígí yẹn ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá de bọ́tìnnì, tí aṣọ wá fà láti ojú bọ́tìnnì lọ sí igun mẹ́rin bíi lẹ́tà X, aṣọ náà ń bẹ yín pé kí ẹ tú òun sílẹ̀ ni. Ẹ wo etí kóòtù, apá tó ṣẹ́ po lórí àyà láti ọrùn wá sí bọ́tìnnì yẹn. Ó yẹ kó sùn jẹ́jẹ́ lórí àyà ni. Tèmi tẹ̀ síta bí ọrun ọdẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ tún yí ẹ̀yìn padà, kí ẹnìkan yà yín ní fọ́tò: tí kọ́là kóòtù bá kúrò lára kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, tí ìka bá lè wọ àárín wọn, iwájú ti fa ẹ̀yìn lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lára mi. Mo tún gbé fọ́tò yẹn sí sítátọ́ọ̀sì mi. Àwọn èèyàn kọ "iná" síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: mo lọ ra èyí tó tóbi gan-an. 50. Mo ní kò lè ya mọ́ láéláé. Òótọ́ ni, kò lè ya, ṣùgbọ́n mo dà bí ọmọ tó wọ kóòtù bàbá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èjìká rẹ̀ ti kọjá èjìká mi. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ èyí láìsí télọ̀ nítòsí: ẹ wọ kóòtù náà, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rọra sún mọ́ ògiri. Tó bá jẹ́ páàdì èjìká ló kọ́kọ́ kan ògiri kí apá yín tó kàn án, ó ti tóbi jù. Tó bá jẹ́ pé ẹran apá yín ló kọ́kọ́ kàn, tí aṣọ sì wọnú bíi kòtò kékeré lábẹ́ páàdì, ó ti kéré. Èjìká sì ni ibi tí télọ̀ kì í fẹ́ fọwọ́ kàn lára kóòtù tí wọ́n ti rán tán, nítorí pé ó máa tú apá, ó máa tú kọ́là, ó máa tú páàdì, kó tó dé ibẹ̀. Owó tó máa gbà lè sún mọ́ owó kóòtù míì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lára 50 yẹn ni pé, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó, mi ò lè gbé apá nínú rẹ̀! Mo ní kí n na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, gbogbo kóòtù bá mi gòkè, kọ́là dé etí mi. Mo rò pé bóyá ó yẹ kí n ra 52 ni.

Gbogbo wa la gbà pé ihò apá tó gbòòrò ló ń jẹ́ kí apá rìn. Irọ́ ni o. Ẹ wò ó báyìí: ibi tí apá ẹ̀wù ti pàdé ara ẹ̀wù, lábẹ́ abíyá, níbẹ̀ ni ìdè wà. Tí ìdè yẹn bá sún mọ́ abíyá yín dáadáa, tí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè, apá ẹ̀wù nìkan ló máa tẹ̀lé ọwọ́. Ara ẹ̀wù máa dúró síbi tó wà. Tí ìdè bá wá wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ọwọ́ ò lè gòkè láìfa ara ẹ̀wù dání. Kóòtù tó tóbi, ihò apá rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jìnnà. Òun ló fà á tí kóòtù ńlá fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan máa sọ pé bùbá ńkọ́, ihò apá bùbá tóbi, kì í de èèyàn. Bùbá ò lẹ̀ mọ́ ara níbì kankan ni. Tí ẹ bá gbé apá, gbogbo rẹ̀ lè gòkè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ó fẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Kóòtù ni wọ́n gé mọ́ èjìká àti ìbàdí, tó bá ti kúrò láyè rẹ̀ báyìí, gbogbo ayé ti rí i.

Mo wá lọ síbi òkírìkà. Ẹ má fojú kéré òkírìkà o, pàápàá fún kóòtù, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí kóòtù nìkan tí kò bá ṣòkòtò wá, ohun tí èmi sì nílò gan-an nìyẹn. Tí ẹ bá rí 46R lára rẹ̀, 46 yẹn ni àyà ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe ìwọ̀n kóòtù fúnra rẹ̀. Kóòtù á fi ínṣì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tóbi ju àyà náà kó lè rí ibi mí. R ni ti ẹni tí kò ga jù tí kò kúrú jù, S ti ẹni kúrú, L ti ẹni gíga. Tó bá jẹ́ 56 lẹ rí, ẹ má sá, ti ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn. Ẹ yọ 10 kúrò, 46 náà ni.

Mo rí ọ̀kan, 46R, aláwọ̀ eérú. Èjìká rẹ̀ jókòó bíi pé èmi ni wọ́n wọ̀n. Àyà rẹ̀ dáa. Ìkùn rẹ̀ ni agbádá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn níbí, tí ẹ̀gbọ́n kan ní ibi iṣẹ́ júwe fún mi. Mo tún mú èyí tó ya dání kó lè rí i.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Bàbá ò tíì dáhùn tó ti ń yẹ ibi tó ya wò. Ó fi ìka tọ ojú ìrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn ló ya, àmọ́ àyà ló fà á."

Mo ní kò yé mi.

Ó ní kí n dúró gbọọrọ, kí n sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ó fi tépù wọn ẹ̀yìn mi láti ìdí apá kan sí ìdí apá kejì: 19 ínṣì. Ó ní kí n wá gbá ara mi mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó wọ̀n ọ́n padà: 22. Ó ní, "Ṣé o rí i? Tí o bá na ọwọ́ síwájú, egungun pátákó ẹ̀yìn ẹ á ṣí kúrò láyè, ẹ̀yìn á fẹ̀ sí i. Aṣọ ní láti rí 3 ínṣì yẹn mú láti ibì kan. Iwájú ló yẹ kó yá a. Àmọ́ àyà ẹ ti jẹ gbogbo ti iwájú tán." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn mi béèrè àyè, iwájú ní òun ò ní, òwú ló wá já.

Ìgbà tó tún yí mi padà ni mo rí ohun tí télọ̀ kankan ò tíì ṣe fún mi rí. Gbogbo wọn ló máa ń yí tépù ká àyà mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ 46, ó parí. Bàbá yìí pín in sí méjì. Ó wọn iwájú láti abẹ́ abíyá kan dé abẹ́ èkejì, ó rí 24 àbọ̀. Ó wọn ẹ̀yìn bákan náà, ó rí 21 àbọ̀. Ẹ rò ó pọ̀, 46 náà ni. Ó wá sọ fún mi pé ẹnìkan lè wọlé báyìí tí tiẹ̀ náà á jẹ́ 46, tó bá sì jẹ́ ẹni tó ń wẹ odò dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ 24 kí iwájú jẹ́ 22. Tí wọ́n bá gé aṣọ kan náà fún ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀kan á máa fà níwájú, èkejì á máa fà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé télọ̀. Mo sáré pe ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń lọ sí jíìmù, tó jẹ́ pé fífa irin sọ́dọ̀ ara ló fẹ́ràn, mo ní kó wọn ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló pọ̀ sí lóòótọ́. Ó ní ìdí nìyẹn tí kóòtù òun fi máa ń lẹ̀ mọ́ òun ní ẹ̀yìn abíyá, tí bọ́tìnnì iwájú sì máa ń dúró jẹ́jẹ́.

Bàbá tún ṣe ọ̀kan sí i. Ó fi tépù láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi gba orí àyà wá sí ìbàdí níwájú, ó sì tún wọ̀n ọ́n láti ibì kan náà gba ẹ̀yìn wá sí ìbàdí. Ti iwájú fi ínṣì kan àbọ̀ gùn ju ti ẹ̀yìn. Òkè wà lọ́nà, tépù gbọ́dọ̀ gun òkè náà kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ gbogbo kóòtù mi fi máa ń ká sókè níwájú, tí ẹ̀yìn á wá gùn bí ìrù adìẹ. Láti ọdún yìí wá, mo rò pé ìdúró mi ni kò dáa.

Ó wá sọ ohun tó lè ṣe sí 46R tí mo mú wá, kò sì fi pamọ́ fún mi pé kò ní pé. Ìkùn kóòtù náà jẹ́ 44 ínṣì. Fún ìbàdí 34, ó fẹ́ kó jẹ́ 39 tàbí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé 5 ló máa jáde. Ó ní òun ò ní yọ ju 3 lọ, láti ojú ìrán àárín ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí òun bá kọjá ibẹ̀, àpò iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn, sílíìtì ẹ̀yìn á sì lanu sílẹ̀. Ṣòkòtò náà bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá ra ṣòkòtò 40 tí ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di 34, àpò ìdí méjèèjì á fẹnu ko ara wọn. Mo ti rí ẹni tí tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní dárúkọ.

Nítorí náà a pín in. 46R di kóòtù ibi iṣẹ́ mi, ìkùn rẹ̀ jẹ́ 41, ó ṣì tú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè gbé fáìlì kalẹ̀ láti orí pẹpẹ láìbẹ̀rù. Ti mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́, Bàbá ní kí n lọ ra aṣọ ní Gbági, 4 yáàdì, kí òun rán an láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé ohun tí wọ́n ń pè ní káṣímíà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò mọ ewúrẹ́ káṣímíà rí, kí n má sanwó orúkọ. Ó ní kí n fọwọ́ rún un, kí n jù ú sílẹ̀: èyí tó bá rún tí kò tú padà, kí n fi sílẹ̀. Kí n má sì ra èyí tó ń dán, torí gbogbo ibi tó bá ti fà lórí àyà ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa pe èèyàn wá wò.

Ìgbà tí mo lọ dán an wò lẹ́ẹ̀kíní, òwú funfun ló fi gbà á mú, kò tíì rán an dan-in. Ó ní kí n gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí n gbá ara mi mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè dọ̀bálẹ̀?" Ó wò mí. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, láàárín ìgékù aṣọ, obìnrin tó wá gba ìró rẹ̀ ń wò mí. Òwú funfun já níbì kan, lẹ́yìn apá ọ̀tún. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó ní, "Ibẹ̀ ni mo ń wá." Ó fi ìdajì ínṣì kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, nítòsí ihò apá. Aṣọ inú náà, ó ṣẹ́ ẹ po ní àárín ẹ̀yìn láti òkè wá, kó lè ṣí nígbà tí ẹ̀yìn bá fẹ̀, torí aṣọ inú ló máa ń kọ́kọ́ ya kí ti òde tó tẹ̀lé e. Ó là á lẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dípò àárín, kí ìdí lè jókòó láìfa bọ́tìnnì. Ó sì fi ínṣì kan sílẹ̀ sínú ojú ìrán, ó ní nítorí pé mi ò tíì jáwọ́ nínú irin gbígbé.

Ṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣẹ́ẹ̀tì rọrùn ju kóòtù lọ, àmọ́ àṣìṣe kan náà ló ń pa wá. Ọrùn ni wọ́n fi ń ta ṣẹ́ẹ̀tì gidi. Ọrùn mi jẹ́ 17. Ṣẹ́ẹ̀tì 17 tí wọ́n gé mọ́ ara, àyà rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 46, ìyẹn ni pé aṣọ àti àyà mi dọ́gba, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà. Tí mo bá jókòó, àárín bọ́tìnnì kejì àti ìkẹta á lanu bí ẹja. Àwọn kan á ní kí ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ò tún nǹkan ṣe, ó kàn ń jẹ́ káyé mọ àwọ̀ rẹ̀ ni.

Èyí tí wọ́n gé bó ṣe yẹ, tí kò fún, ni mò ń rà báyìí, àyà rẹ̀ jẹ́ 50. Ìkùn rẹ̀ máa ń jẹ́ 47, ó ń fẹ́ bíi ìgbòkun. Mo fẹ́ 41. Bàbá yọ 6 yẹn báyìí: dáàtì méjì gígùn lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ínṣì kan àbọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gba ínṣì kan àbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò fọwọ́ kan àyà, kò fọwọ́ kan èjìká. Ohun tí mò ń yẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó sanwó ni ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ èjìká. Tí wọ́n bá ṣẹ́ aṣọ po lẹ́ẹ̀kan ní àárín, ó dáa. Tó bá jẹ́ méjì, ọ̀kan nítòsí pátákó ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ó dáa jù fún wa, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn ti ń ṣí. Èyí tó tẹ́jú pẹrẹsẹ lẹ́yìn, mo máa ń dá a padà. Àyàfi tó bá ní òwú tó ń fà nínú, 2 tàbí 3 nínú 100 bó ṣe wà lára lébẹ̀lì. Ìyẹn lè gbà wá díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Òwú tó ń fà kì í sọ aṣọ tó kéré di aṣọ tó tó, ó kàn ń sún ọjọ́ tó máa ya síwájú ni. Tí ẹ bá sì ń gbé e sínú omi gbígbóná, tí ẹ ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, òwú náà á kú.

Tí owó télọ̀ ò bá tíì sí, ẹ ra kóòtù nípa èjìká, kí ẹ má de bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fún níkùn sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún oṣù kan gbáko. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Ọjọ́ náà pé. A wọ ilé wọn. Dádì jókòó sórí àga tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó wo bàtà mi, ó wo ṣòkòtò, ó wo kóòtù, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní ká dọ̀bálẹ̀. Mo na ọwọ́ síwájú, mo fi àyà kanlẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún na ọwọ́ síwájú sí i, bí ẹni ń wá wàhálà. Kò sí nǹkan kan. Bàbá ní, "Dìde, ọmọ mi," mo sì dìde, kọ́là ṣì wà lọ́rùn mi.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló lọ dáadáa ṣá. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àtijọ́ tí mi ò tíì gbé lọ tún ṣe ni. Bọ́tìnnì ìkẹta já, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga mọ́mì. Mo de kóòtù bò ó, mo jẹ iyán pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fà. Àbúrò ìyàwó mi ló bá mi rí bọ́tìnnì náà nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ó ṣì wà lápò kóòtù. Lọ́la ni mò ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ sí Mọ́kọ́lá.